Àríyá Ọjọ́ Ìbí Ọmọdé ní Pọ́tákọ́tì: Àwọ̀ ni Ọmọ ń Wò, Kì í Ṣe Ṣúgà

Ní ọ̀pọ̀ àdúgbò ìlú Pọ́tákọ́tì, olú ìlú Ìpínlẹ̀ Rífáàsì, ọjọ́ Sátidé kì í sábà kọjá láìsí àríyá ọjọ́ ìbí ọmọdé kan tàbí òmíràn. Wọn a so bálúùnù mọ́ ẹnu ọ̀nà, wọn a gbé ẹ̀rọ orin síta, wọn a sì ri ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò bọ inú omi dídì kí àlejò àkọ́kọ́ tó wọlé. Lẹ́yìn náà ni ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù, ìpanu tí wọ́n dín nínú òróró, kéèkì, àti àpò ẹ̀bùn tó kún fún súùtì àti bisikíìtì. Bí ó ti rí nìyí ní Ìbàdàn àti ní Èkó pẹ̀lú.

Àwọn òbí kan ti ń gbìyànjú láti yí i padà. Ohun tí wọ́n sì máa ń kọ́kọ́ ṣe ni pé wọ́n á gé kùkúḿbà àti kábéèjì sínú àwo fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀, wọ́n á gbé e sí àárín tábìlì, wọ́n á sì máa bẹ àwọn ọmọ pé kí wọ́n jẹ ẹ́. Àwọn ọmọ kì í jẹ ẹ́. Òwe Yorùbá sọ pé ọmọdé kò mọ oògùn, ó ń pè é ní ẹ̀fọ́. Níbi àríyá òde òní, ẹ̀fọ́ gan-an ni ọmọ ń pè ní oògùn. Nígbà tí àwo náà bá padà sí ilé ìdáná bí ó ṣe jáde, ìyá ọlọ́jọ́ ìbí á sọ pé òun ti gbìyànjú, ọdún tó ń bọ̀ á sì tún padà sí ti àtẹ̀yìnwá.

Àṣìṣe tó wà nínú ọ̀nà yìí ni pé oúnjẹ tí kò jọ oúnjẹ ọdún ni wọ́n gbé síwájú ọmọ ní ọjọ́ ọdún rẹ̀. Àwọn onímọ̀ nípa bí ọmọdé ṣe ń jẹun ti rí i pé ó sábà máa ń gba kí ọmọ fojú kan oúnjẹ tuntun, kí ó sì tọ́ ọ wò, ní ìgbà mẹ́jọ sí mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kó tó gbà á lọ́rẹ̀ẹ́. Nítorí náà, ọjọ́ ìbí kì í ṣe ọjọ́ tí ó yẹ kí a fi oúnjẹ àjèjì kọ́ ọmọ. Oúnjẹ tí ọmọ ti mọ̀ ní ilé ni kí wọ́n mú, kí wọ́n sì fún un ní àwọ̀ àti ìrísí tí kò rí rí. Bí òbí bá ṣe èyí, tó tún yí ohun mímu padà, tó sì yí èyí tó kọ́kọ́ dé iwájú àwọn ọmọ padà, iṣẹ́ tó kù kò pọ̀.

Ohun mímu ni ó yẹ kí ó ṣáájú, nítorí ibẹ̀ ni ṣúgà tó pọ̀ jù lọ wà. Nínú ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò kan tó gba sẹ̀ntílítà 35, ṣúgà tó wà níbẹ̀ sábà máa ń tó gíráàmù 37, èyí tó jẹ́ bíi ṣíbí ìpotíì mẹ́sàn-án. Ilé iṣẹ́ ètò ìlera ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gba àwọn òbí níyànjú pé ọmọ ọdún mẹ́rin sí mẹ́fà kò gbọdọ̀ jẹ ju gíráàmù 19 irú ṣúgà bẹ́ẹ̀ lọ ní ọjọ́ kan, ọmọ ọdún méje sí mẹ́wàá kò sì gbọdọ̀ kọjá gíráàmù 24. Èyí já sí pé kí ìgò kan tó tán, ọmọ ọdún méje ti kọjá ìwọ̀n òòjọ́ rẹ̀ ní ìdajì, bẹ́ẹ̀ ni kò tíì fọwọ́ kan kéèkì. Ta ni kò sì mọ̀ pé ìgò kan kì í tó ọmọ níbi àríyá?

Ìjọba orílẹ̀-èdè Nàìjíríà náà ti fọwọ́ kan ọ̀rọ̀ yìí. Òfin ètò ìnáwó ti ọdún 2021 ló fi owó orí náírà mẹ́wàá lé lítà kọ̀ọ̀kan ohun mímu aládùn tí kò ní ọtí líle nínú, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbà á ní oṣù kẹfà ọdún 2022. Bí a bá ṣírò rẹ̀, náírà mẹ́ta àti ààbọ̀ ni ti ìgò kan. Owó tó kéré tó bẹ́ẹ̀ kò lè mú kí òbí kankan dín páálí kan kù nínú èyí tó fẹ́ rà.

Omi èso inú páálí kò sì yọ òbí nínú ọ̀ràn yìí bí ọ̀pọ̀ ti rò. Nínú ìlànà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde ní ọdún 2015, ṣúgà inú omi èso àti ti inú oyin wà lára irú ṣúgà tó yẹ kí a dín kù, nígbà tí ti inú èso tí a gé jẹ kò sí lára rẹ̀. Ìdí ni pé ọmọ tó jẹ ọsàn kan pẹ̀lú ẹran ara rẹ̀ á yó. Ọmọ tó mu omi ọsàn mẹ́rin á ṣì máa béèrè omíràn.

Ó yẹ kí a sọ̀rọ̀ díẹ̀ níhìn-ín nípa ohun tí àwọn òbí máa ń sọ jù lọ, pé ṣúgà ni ó ń mú kí ara ọmọ gbóná kí ó sì máa sá kiri bí ẹni tí wọ́n ń lé. Ní ọdún 1995, àwọn olùwádìí kó àbájáde ìdánwò 23 jọ, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde nínú ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ àwọn dókítà ilẹ̀ Amẹ́ríkà: wọn kò rí i pé ṣúgà yí ìwà ọmọ padà. Àríyá fúnra rẹ̀, ariwo àti ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́, tó láti mú kí ọmọ máa fò sókè. Eyín tó ń jẹrà, ara tó ń sanra jù, àti ikùn tí ṣúgà ti gba àyè oúnjẹ gidi nínú rẹ̀ ni ẹjọ́ tí a lè rò mọ́ ṣúgà lẹ́sẹ̀.

Aró inú súùtì àti inú ìbòrí kéèkì ni ó ní ẹjọ́ tirẹ̀. Ní ọdún 2007, ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní ìlú Saotámpítìnì ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi hàn pé àdàlù àwọn aró kan pẹ̀lú oògùn ìpamọ́ lè mú kí àwọn ọmọdé kan máa ta kìjí ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìyàtọ̀ náà kò pọ̀. Láti oṣù keje ọdún 2010 ni àwọn orílẹ̀-èdè Ìṣọ̀kan Yúróòpù ti pa á láṣẹ pé kí wọ́n kọ ìkìlọ̀ sára oúnjẹ tó bá ní irú aró mẹ́fà bẹ́ẹ̀ nínú. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2025 sì ni àjọ tó ń ṣàkóso oúnjẹ àti oògùn ní Amẹ́ríkà fagi lé lílo aró pupa kan tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 3. Ní tiwa níhìn-ín, èyí tó yẹ kí ó ba òbí lẹ́rù jù ni aró tí wọ́n ń wọ̀n sínú ọ̀rá ní ọjà láìsí orúkọ, láìsí nọ́ńbà NAFDAC, tí ẹni tó ń tà á pàápàá kò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀, àwọ̀ pọ̀ ní ilé ìdáná wa ju bí a ti rò lọ. Kò sí aró pupa tó dára tó ti sóbò. Fún ogún ọmọ, kí òbí bu ewé òdòdó sóbò gbígbẹ tó kún àtẹ́lẹwọ́ méjì, kí ó fi omi tútù ṣan iyanrìn rẹ̀ kúrò kíákíá, kí ó dà á sínú lítà omi méjì tó ń hó, pẹ̀lú atalẹ̀ tí a gún àti èèpo ọ̀pẹ òyìnbó tí a ti fọ̀ mọ́. Kí ó hó fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ìkòkò irin tí kì í dípẹtà tàbí èyí tí wọ́n kùn ní tánganran ló yẹ, nítorí pé sóbò kan, kíkan rẹ̀ a sì máa jẹ ìkòkò ayọ́. Lẹ́yìn tó bá tutù, kí wọ́n sẹ́ ẹ, kí wọ́n má fi ṣúgà kankan sí i, kí wọ́n dà á sínú abọ́ onígun wẹ́wẹ́ tí wọ́n fi ń ṣe omi dídì, kí ó sì sùn sínú firísà.

Ní ọjọ́ kejì, omi tó mọ́ ni wọ́n á bù fún ọmọ nínú ife tí ojú ń rí gba inú rẹ̀ kọjá. Wọ́n á ju òkúta pupa mẹ́ta sínú rẹ̀ níṣojú ọmọ. Omi náà á bẹ̀rẹ̀ sí í di àwọ̀ òdòdó díẹ̀díẹ̀, á sì di pupa nígbà tí òkúta bá yọ́ tán. Ọmọ ọdún mẹ́fà kò ní gbé ojú kúrò lára ife yìí. Bí kíkan rẹ̀ bá pọ̀ lẹ́nu wọn, kí wọ́n fi ègé ọ̀pẹ òyìnbó kan sí ife. Àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́rin kò gbọdọ̀ gba òkúta omi dídì, nítorí ó lè há wọn lọ́fun. Kí wọ́n bu sóbò tútù díẹ̀ sínú omi tiwọn. Ibi tí iná mànàmáná kò bá sì ti ṣeé gbọ́kàn lé, kí wọ́n tètè bẹ àwọn tó ní firísà ńlá tí wọ́n fi ń ta omi dídì, kó tó di òru ọjọ́ tó ku ọ̀la. Sóbò tí kò sí ní òtútù, tó bá ti ń yọ ìfòfò, tí òórùn rẹ̀ sì jọ ti ọtí, ti bàjẹ́.

Ohun tó tún yẹ kí òbí yí padà ni èyí tó ń kọ́kọ́ dé iwájú àwọn ọmọ. Ìwé ìpè sọ pé agogo méjì. Àlejò dé ní agogo mẹ́ta. Àwọn ọmọ tó tètè dé ti ń pebi. Kí wọ́n má baà máa yọ ìyá ọlọ́jọ́ ìbí lẹ́nu, wọ́n á há gúgúrú, súùtì àti ìgò míńrà fún wọn. Nígbà tí ìrẹsì bá dé ní agogo mẹ́rin ààbọ̀, ọmọ á fi ṣíbí tọ́ ọ wò lẹ́ẹ̀mejì, á sì gbé e kalẹ̀. Àwọn àgbà á ní ọmọ ìsinsìnyí kì í jẹun. Ọmọ náà ti jẹun, ṣúgà ni ó jẹ. Wákàtí ìpebi yẹn ni wákàtí tó dára jù lọ fún oúnjẹ tó ṣara lóore, nítorí pé ọmọ tí ebi ń pa kì í ṣa oúnjẹ. Ohun tó yẹ kí ó wà ní ìkáwọ́ ọmọ ní ẹnu ọ̀nà ni oúnjẹ kékeré tí wọ́n lè fi ọwọ́ mú, tí wọ́n lè máa jẹ bí wọ́n ti ń ṣeré.

Pọ́tákọ́tì sì ti ní in lọ́wọ́. Bọ̀ọ̀lì ni. Yorùbá ń fi ẹ̀pà jẹ bọ̀ọ̀lì, ṣùgbọ́n ní Pọ́tákọ́tì, ẹja yíyan àti ọbẹ̀ ata elépo pupa ni wọ́n fi ń jẹ ẹ́, ìlú náà sì ń fi í yangàn débi pé wọ́n bẹ̀rẹ̀ àjọ̀dún kan fún un ní ọdún 2016. Fún ọmọdé, ti Pọ́tákọ́tì yìí ló sàn jù. Ẹ̀pà odidi, gúgúrú àti èso àjàrà tí a kò là sí méjì wà lára ohun tó máa ń há ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún lọ́fun jù lọ, pàápàá bí ọmọ bá ń sáré tó sì ń rẹ́rìn-ín bí ó ti ń jẹ. Yàtọ̀ sí èyí, àwọn ọmọ kan wà tí ẹ̀pà kì í bá lára mu rárá, ẹni tó ń se àríyá kò sì ní mọ̀ bí kò bá béèrè lọ́wọ́ ìyá wọn.

Fún ogún ọmọ tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn á gba igi méjì, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà ńlá méjìlá sí mẹ́rìnlá tó, pẹ̀lú ẹja àrọ̀ mẹ́ta tí ọ̀kọ̀ọ̀kan tó kílò kan. Àrọ̀ ni ó yẹ, nítorí pé eegun rẹ̀ tóbi, ó ṣeé yọ kúrò, kò sì ní àwọn eegun tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń fara pamọ́ sínú ẹran. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó pọ́n ṣùgbọ́n tí ara rẹ̀ ṣì le ni kí wọ́n rà. Èyí tó ti rọ̀ jù á já bọ́ lórí igi. Lẹ́yìn tí wọ́n bá yan án lórí èédú, kí wọ́n há gbogbo ibi tó jóná dúdú kúrò, kí wọ́n gé e ní róbótó, kí ó nípọn tó àtàǹpàkò. Ègé ọ̀gẹ̀dẹ̀ mẹ́ta àti ègé ẹja méjì ni wọ́n á máa tò sórí igi pẹlẹbẹ tí ẹnu rẹ̀ kò mú, irú èyí tí wọ́n fi ń ṣe áísìkiriìmù. Bí ó bá jẹ́ igi ẹlẹ́nu ṣóńṣó ni wọ́n rí, kí wọ́n gé ẹnu rẹ̀ dànù lẹ́yìn tí wọ́n bá ti tò ó tán. Fún àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún, kí wọ́n yọ ọ́ sínú àwo láìsí igi.

Ọbẹ̀ tí àwọn ọmọ á máa ti ẹnu igi bọ̀ ni kí wọ́n fi tàtàṣé, tòmátì àti àlùbọ́sà se, pẹ̀lú epo pupa díẹ̀ àti efinrin, láìsí ata rodo. Àwọ̀ rẹ̀ á pupa rẹ́súrẹ́sú gẹ́gẹ́ bí ti àgbà, ọmọ á sì rò pé ohun tí àwọn àgbà ń jẹ ni òun náà ń jẹ. Epo náà gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tó wá láti ibi tó ṣeé fọkàn tán, nítorí NAFDAC ti kìlọ̀ léraléra nípa àwọn oníṣòwò tó ń po aró aṣọ mọ́ epo pupa kí ó lè pọ́n.

Ṣùgbọ́n oúnjẹ tó lè gba ìyìn jù lọ lórí tábìlì náà ni mọ́ínmọ́ín aláwọ̀ mẹ́ta. Ẹ̀wà tí ọmọ ti mọ̀ láti ilé ni, èyí tó ń mú ara dàgbà; ìrísí rẹ̀ nìkan ló yí padà. Dẹ́ríkà ẹ̀wà kan, ìyẹn agolo tòmátì tí àwọn ìyálọ́jà Pọ́tákọ́tì fi ń wọn nǹkan, tó fún ogún ife kékeré. Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti rẹ ẹ́, tí wọ́n bó o, tí wọ́n sì lọ̀ ọ́ kúnná pẹ̀lú omi díẹ̀ àti àlùbọ́sà, kí wọ́n pín in sí ọ̀nà mẹ́ta. Kí wọ́n po tàtàṣé méjì tí a lọ̀, epo pupa ṣíbí ìsebẹ̀ kan àti edé mọ́ ìdá kìn-ín-ní. Ìdá kejì á wà ní funfun. Iyọ̀, òróró díẹ̀ àti ẹyin bíbọ̀ tí a gé wẹ́wẹ́ ni tirẹ̀, wọn kò sì gbọdọ̀ fi edé sí i, nítorí edé á sọ ọ́ di ràkọ̀ràkọ̀. Ìdá kẹta ni ti ewé úgú: kí wọ́n lọ ẹ̀kúnwọ́ ewé náà pẹ̀lú omi táṣẹ́rẹ́, kí wọ́n sẹ́ ẹ, kí wọ́n fi omi rẹ̀ pò ó.

Kí wọ́n fi òróró pa inú ife, kí wọ́n da pupa sí ìsàlẹ̀ tó ìbú ìka kan, kí wọ́n sì gbé e sórí omi tó ń hó fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Bí wọ́n bá gbé ife náà ṣẹ́gbẹ̀ẹ́ kan tí ojú rẹ̀ ṣì ń mì, kò tíì tó. Ìgbà tí ojú rẹ̀ bá di ni wọ́n á da funfun lé e, kí wọ́n sì jẹ́ kó ṣàn gba ẹ̀yìn ṣíbí wọlé pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Bí wọ́n bá dà á láti òkè, á lu ìsàlẹ̀ já, àwọ̀ méjèèjì á sì dàrú. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún mìíràn, ewé úgú á tẹ̀lé e fún bí ogún ìṣẹ́jú. Ìdí tó fi gbẹ̀yìn ni pé iná ń pa àwọ̀ ewé. Bí ó bá pẹ́ lórí iná bíi ti àwọn yòókù, á dà bí omi ẹrẹ̀. Kí wọ́n ta ewé eéran tàbí aṣọ mímọ́ bo ojú àwọn ife náà kí omi ìdérí má baà máa kán sí i. Bí igi tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n tì bọ àárín rẹ̀ bá jáde láìsí ẹ̀kọ lára, ó ti jinná.

Ẹni tó bá fi ìwàǹwára dà á dé nígbà tó ṣì gbóná á rí i pé ó fọ́. Kí ó sinmi tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí wọ́n tó dà á dé sínú àwo. Ewé úgú á wá wà nísàlẹ̀ bíi koríko, funfun á wà láàárín, pupa á wà lókè. Ó tọ́ kí á kìlọ̀ pé wọn kò gbọdọ̀ lo ọ̀rá fún mọ́ínmọ́ín yìí. Ife irin kékeré tàbí agolo mímọ́ ló yẹ, nítorí pé ọ̀rá tí wọn kò ṣe fún iná lè tú èròjà rẹ̀ sínú oúnjẹ gbígbóná.

Ní ti ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù, kò sí ìdí láti lé e jáde. Kí ó tẹ̀lé bọ̀ọ̀lì àti mọ́ínmọ́ín, ní ìwọ̀n abọ́ kékeré, pẹ̀lú kárọ́ọ̀tì àti ẹ̀wà tútù nínú rẹ̀ bí ọmọ ti mọ̀ ọ́n. Èso ni ó yẹ kí ó wà lórí tábìlì láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin: wọtamẹ́lọ́ọ̀nù tí wọ́n gé ní onígun mẹ́ta pẹ̀lú èèpo rẹ̀ kí ọwọ́ lè rí ibi mú, ìbẹ́pẹ, àti ọ̀pẹ òyìnbó. Kí wọ́n fọ èèpo wọtamẹ́lọ́ọ̀nù kí wọ́n tó fi ọ̀bẹ kàn án, torí ọ̀bẹ ń gbé ìdọ̀tí ara rẹ̀ wọ inú. Láti ìparí ọdún 2016 ni àwọn ará Pọ́tákọ́tì ti ń kígbe nípa èéfín dúdú tó ń bà lé aṣọ, ilẹ̀ àti ojú fèrèsé wọn. Èso tí wọ́n gé sílẹ̀ ní ìta gbangba láìbò kò ní yọ nínú rẹ̀. Kí wọ́n gé e nínú ilé, kí wọ́n bò ó, kí wọ́n sì máa gbé e jáde díẹ̀díẹ̀.

Kéèkì ńkọ́? Àwọn kan dá a lábàá pé kí òbí gbẹ́ wọtamẹ́lọ́ọ̀nù ní ìrísí kéèkì, kí ó sì fi àbẹ́là sí i lórí. Ó dára ní àwòrán, ṣùgbọ́n ọmọ tó ti ka ọjọ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta nítorí kéèkì á rò pé wọ́n rẹ́ òun jẹ. Kéèkì gidi ni kí wọ́n ṣe, kí ìbòrí ṣúgà rẹ̀ mọ sí orí nìkan láìdé ẹ̀gbẹ́, kí wọ́n sì gé e tó páálí ìṣáná fún ọmọ kọ̀ọ̀kan. Bí ó bá jẹ́ pé lẹ́yìn oúnjẹ ni ó dé, ìwọ̀nba yẹn tó wọn. Agbọn tí wọ́n rin, tí wọ́n sì fi omi kárọ́ọ̀tì pa láró, á rọ́pò àwọn ìlẹ̀kẹ̀ ṣúgà aláwọ̀ tí wọ́n ń wọ́n sí i.

Ewu kan kù tí ọ̀pọ̀ kì í kà sí, bẹ́ẹ̀ òun ló lè gbé ọmọ dé ilé ìwòsàn lóru ọjọ́ náà gan-an. Ìlànà Àjọ Ìlera Àgbáyé ni pé oúnjẹ sísè kò gbọdọ̀ wà ní ìta ju wákàtí méjì lọ láìsí nínú òtútù, àfi bí ó bá ń gbóná ju ìwọ̀n 60 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́ḷ́síọ́ọ̀sì lọ. Kòkòrò kan wà nínú ìrẹsì tí sísè kì í pa irúgbìn rẹ̀; bí ìrẹsì bá lọ́ wọ́ọ́rọ́ fún ìgbà pípẹ́, yóò hù, yóò sì tu májèlé tí gbígbóná lẹ́ẹ̀kejì kò lè sọ di asán. Ọmọ á bẹ̀rẹ̀ sí í bì láàárín wákàtí díẹ̀. Nítorí náà, ìrẹsì tí wọ́n sè ní agogo mẹ́fà àárọ̀ fún àríyá tó máa di agogo mẹ́rin kí wọ́n tó jẹ kì í ṣe oúnjẹ ọmọdé. Kí wọ́n sè é ní ọ̀sán, kí wọ́n dà á sínú kúlà nígbà tó ṣì ń hó, kí kúlà náà kún, kí wọ́n má sì máa ṣí i ní gbogbo ìgbà. Bí àwọn àlejò bá pẹ́, kí bọ̀ọ̀lì máa bá a lọ lórí èédú, nítorí òun nìkan ni a lè máa yan bí ọmọ ṣe ń dé.

Mọ́ínmọ́ín kò ní irú sùúrù bẹ́ẹ̀. Nínú ooru Pọ́tákọ́tì, kì í pẹ́ kan, bí ó bá sì ti ń fà bí okùn nígbà tí wọ́n bá fi ṣíbí là á, ó ti bàjẹ́. Ṣùgbọ́n ó lè di ewu kí ó tó fà, kí ó sì tó rùn, nítorí náà aago ni kí wọ́n wò, kì í ṣe imú. Èyí tó bá kù lẹ́yìn wákàtí méjì kò gbọdọ̀ bá àpò ẹ̀bùn lọ sí ilé ẹnikẹ́ni. Kírẹ́yọ́ọ̀nù, ìwé àwòrán tàbí bọ́ọ̀lù kékeré kan ló yẹ kó wà nínú àpò yẹn.